Lẹ́tà ìwáṣẹ́ alákòóso ọ́fíìsì lẹ́yìn ọdún 7 nílé, ẹ bá mi wò ó

ÌyáMẹ́ta:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń wá alákòóso ọ́fíìsì sí, ó wù mí gan-an, àmọ́ ọdún 7 rèé tí mo ti wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kí n tó jókòó sílé mo ṣe ọdún 4 ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan, èmi ni mo ń gbé tẹlifóònù, èmi ni mo ń to fáìlì, èmi náà ni mo ń tọ́jú kàlẹ́ńdà ọ̀gá wa. Ohun tí wọ́n kọ pé àwọn ń fẹ́ báyìí ni ẹni tó máa bójú tó kàlẹ́ńdà ọ̀gá mẹ́ta, tó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé sílẹ̀, tó máa ra nǹkan èlò ọ́fíìsì, tó máa tọ́jú owó kékeré tí wọ́n fi ń ná nǹkan ojoojúmọ́, kó sì mọ Excel. Lẹ́tà mi rèé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa kógbá ẹ̀ wọlé, ṣé ó dáa báyìí?

> Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti wá iṣẹ́ tí ẹ kéde. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, mo sì tọrọ àforíjì fún àlàfo ọdún 7 tó wà nínú ìwé mi, àwọn ọmọ mi mẹ́ta ni mo ń tọ́. Àmọ́ ọmọ títọ́ ti kọ́ mi ní sùúrù, ó sì ti kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń ṣe nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣìṣẹ́ kára ni mí, mo tètè máa ń kọ́ nǹkan, tí ẹ bá lè fún mi láàyè ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀. Ẹ ṣàánú mi kẹ́ ẹ pè mí.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Ẹ kú oríire ọmọ o mà. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ pé ẹ máa padà? Torí níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́, tí obìnrin bá lọ bímọ, lẹ́tà kékeré ló máa kọ sí ọ̀gá pé ọjọ́ báyìí lòun ń wọlé padà, kò ní láti ṣàlàyé kankan, àyè ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kàn kọ déètì sí i ni.

ÌyáMẹ́ta:
Rárá o, kì í ṣe ìsinmi ìbímọ. Ibòmíì ni mo ń wá iṣẹ́ sí, wọn ò mọ̀ mí rí. Iṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀ yẹn, mo ti fi sílẹ̀ pátápátá.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Áà, ẹ má bínú, mo kàn sáré kà á ni.

Kò_Sọ́rọ̀ńbẹ̀:
Àǹtí mi, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má dárúkọ ọdún 7 yẹn rárá! Kí ló kàn wọ́n? Àforíjì yẹn kọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ yọ, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú ìwé ìtàn-iṣẹ́ yín ẹ yọ gbogbo déètì kúrò, ẹ kàn to ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe síbẹ̀: tẹlifóònù, fáìlì, kàlẹ́ńdà. Tí wọ́n bá pè yín fún intafíù tí wọ́n wá bi yín, ẹ ṣàlàyé níbẹ̀ lójúkojú. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ṣe é nìyẹn, wọ́n sì gbà á.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ṣe alákòóso ọ́fíìsì fún ọdún tó lé ní 15, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí èmi náà máa wá èèyàn sípò yẹn, torí náà irú lẹ́tà yìí ti kọjá lójú mi dáadáa. Kò_Sọ́rọ̀ńbẹ̀ gba ìdajì máàkì lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni pé àforíjì ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, òótọ́ sì ni pé ọ̀rọ̀ ọdún 7 kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Àmọ́ ìwé tí ò ní déètì kankan, ohun tó máa ń ṣe fún èmi ni pé mo máa dáwọ́ kíkà dúró, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí onítọ̀hún ń fi pamọ́. Mo lè rò pé wọ́n lé e níbi iṣẹ́ ni, mo lè rò pé ibi márùn-ún ló ti ṣiṣẹ́ lọ́dún kan. Ohun tí mo máa rò á burú ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan péré tó sọ pé "mo fi ọdún báyìí sí báyìí tọ́jú ẹbí mi" á ti pa ìyẹn, màá kọjá lọ.

Wàyí o, ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wá tí mo bá ń ka lẹ́tà. Lọ́jọ́ tí mo bá ń kà á, ẹni tó wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀ ti lọ, ìpàdé méjì ti forí gbárí ní yàrá kan ṣoṣo, íńkì ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, rìsíìtì wà káàkiri inú dúrọ́ọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ṣé ẹni yìí lè gba nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Lẹ́tà yín ò dá mi lóhùn. Gbólóhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀, mo kà wọ́n: ọ̀kan ní ẹ ń wá iṣẹ́ (mo ti mọ̀), ọ̀kan tọrọ àforíjì, ọ̀kan sọ nípa sùúrù, ọ̀kan ní ẹ tètè ń kọ́ nǹkan, ìkẹyìn bẹ̀ mí. Ọdún 4 tẹ́ ẹ ṣe lọ́fíìsì akẹ́rù dà? Àwa tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ níbí lẹ sọ ọ́ fún, ẹ ò sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà yín!

Ọ̀rọ̀ sùúrù àti nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà yẹn, ẹ yọ ọ́. Mi ò ní irọ́ ni o, èmi náà tọ́mọ. Àmọ́ kò sí bí mo ṣe lè wádìí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ò lè kọ ọ́.

Ẹ wá dáhùn ìbéèrè yìí fún mi. Láàárín ọdún 7 yẹn, ṣé kò sí ibì kankan tí wọ́n ti fi ìwé, owó, tàbí orúkọ èèyàn sí yín lọ́wọ́? Ẹgbẹ́, ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, òwò ẹbí, ibikíbi.

Ọmọ_Ìtọ́jú:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọkùnrin ni mí o, èmi ò bímọ sílé, bàbá mi ló ṣàìsàn tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún 3 láti tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí mo padà ń wá iṣẹ́, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà, bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn tá a lọ, bí mo ṣe ń gbé e dìde lóru, títí dórí bó ṣe kú. Wọ́n pè mí o, mi ò purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀, àwọn mẹ́ta tó jókòó kàn ń bá mi kẹ́dùn ni, ọ̀kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìyá tiẹ̀ fún mi, ìdajì wákàtí tí wọ́n fún mi ti tán kí wọ́n tó bi mí ní ìbéèrè iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọn ò gbà mí. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé èmi ni mo yan ohun tí wọ́n máa bi mí. Ohun tó bá pọ̀ jù nínú lẹ́tà ni wọ́n máa di mú.

ÌyáMẹ́ta:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀gá Àgbà_Ọ́fíìsì, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n mo gbà á. Lórí ìbéèrè yín, mi ò mọ̀ bóyá ó kà o, mo ṣe akápò ẹgbẹ́ òbí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 2. Kò sówó oṣù níbẹ̀, mo kàn ń gba owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù ni, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdí tí mi ò fi kọ ọ́ nìyẹn, mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Ẹ̀n! Ta ló máa fi yín rẹ́rìn-ín? Òṣooṣù, ọdún 2, owó olówó. Ìdílé mélòó? Báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́? Ṣé ìṣirò ẹ̀ ò ṣàṣìṣe rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín.

ÌyáMẹ́ta:
Ìdílé 46 ni. Ìwé ńlá kan ni mo gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ṣáájú mi, orúkọ ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, oṣù wà lókè, mákì ló ń fi síbẹ̀ tí wọ́n bá ti san. Àṣìṣe wà níbẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ parí, bàbá kan ń bínú pé a ní òun jẹ gbèsè oṣù kan, ó ní òun ti san tán. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn táwọn ọmọ sùn, mo ka mákì ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ẹnì kan tó ní mákì 11, mo sì rí ẹlòmíì tó ní 13. Oṣù 12 ló wà nínú ọdún, báwo lẹnì kan ṣe san 13? Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé orúkọ àwọn bàbá méjèèjì yẹn bára mu, àti orúkọ àti orúkọ ẹbí, wọn ò sì bára wọn tan. Owó ti ọ̀kan ni wọ́n kọ sí ti èkejì. Mo lọ bẹ bàbá yẹn. Láti ìgbà yẹn mo fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, 1 dé 46, mo ra ìwé rìsíìtì tó ní nọ́ńbà, tí mo bá ti gba owó màá kọ nọ́ńbà ìdílé àti nọ́ńbà rìsíìtì pọ̀. Ọdún kejì kò sí ìjà kankan.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Lẹ́tà yín nìyẹn, ẹ ti kọ ọ́ tán. Ká ní wọ́n ka ohun tẹ́ ẹ kọ sókè yìí fún mi ní gbọ̀ngàn, mo máa ní kí wọ́n pe obìnrin yẹn wá. Torí owó kékeré inú ọ́fíìsì, bó ṣe máa ń dàrú nìyẹn gan-an. Ẹnì kan gbowó láti ra bébà, kò mú rìsíìtì bọ̀, wọ́n kọ ọ́ sí orúkọ ẹlòmíì, ìparí oṣù dé, owó ò pé. Ẹni tó ti rí irú ẹ̀ rí tó sì mọ bóun ṣe tún un ṣe ni mò ń wá.

Bí mo ṣe máa tò ó rèé. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá àti ọdún 4 tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀. Èkejì, ohun méjì tàbí mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n béèrè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí tiẹ̀ nídìí. Ẹ̀kẹta ni gbólóhùn kan lórí ọdún 7, ohun tẹ́ ẹ ṣe níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akápò á sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kí ojú ẹni tó ń kà á má dúró lórí àlàfo, kó kọjá sórí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Kó má kọjá ojú ìwé kan, tó bá tiẹ̀ jẹ́ ìdajì ó ti tó.

Excel ńkọ́? Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

ÌyáMẹ́ta:
Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo lò ó nígbà yẹn díẹ̀díẹ̀, láti fi ṣe àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó jáde àti èyí tó wọlé. Ó ti tó ọdún 7 o. Tí mo bá kọ pé mo mọ̀ ọ́n, tí wọ́n wá gbé e síwájú mi ńkọ́?

Kò_Sọ́rọ̀ńbẹ̀:
Ẹ kọ pé ẹ mọ̀ ọ́n jàre, gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lẹ máa kọ́ ọ.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tí mo wà, a máa ń gbé kọ̀ǹpútà fún èèyàn níbi intafíù fún ìṣẹ́jú 15, ibẹ̀ la ti máa ń rí ẹni tó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ mú ìwé akápò yín, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?

ÌyáMẹ́ta:
Mo ti fà á lé ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ mi, àmọ́ mo ní fọ́tò àwọn ojú ewé ọdún kejì lórí fóònù.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Ó ti tó. Ẹ pa orúkọ wọn tì, nọ́ńbà nìkan la nílò. Ẹ ṣí Excel, ẹ fi déètì sí A, nọ́ńbà ìdílé sí B, iye owó sí C, nọ́ńbà rìsíìtì sí D. Ìdílé 46 lọ́nà oṣù 12, ìlà 552 nìyẹn, ẹ pín in sí alẹ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ìdílé 12 ti san látòkè délẹ̀, ẹ tẹ èyí:

```
=SUMIF(B2:B600,12,C2:C600)
```

Ó ń wo B, ibi tó bá ti rí 12 ó máa mú owó tó wà ní C lórí ìlà kan náà, á wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ wá fi ohun tó jáde wé fọ́tò yín. Tí kò bá dọ́gba, ẹ má tíì dá ara yín lẹ́bi, ẹ wo C dáadáa. Iye owó tó bá sún mọ́ apá òsì àpótí ẹ̀, tí àwọn yòókù sì wà lápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ti kà á sí ọ̀rọ̀, kì í ṣe iye, kò sì ní rò ó mọ́ ìyókù. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì fi àmì kún un tàbí tẹ́ ẹ fi àlàfo sáàárín ẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ tún un tẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹ ò ní láti kọ "mo mọ Excel." Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ fi ṣe.

Ọ̀rẹ́_Ìwé:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòwúrọ̀. Ibi tí mò ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ni mo wà láàárín wọn, èmi ní èrò tèmi: ẹ má dárúkọ ọmọ rárá nínú lẹ́tà. Ẹ kọ "ìtọ́jú ẹbí," kó parí síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti kọ "ọmọ mẹ́ta," ẹni tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ orí wọn lọ́kàn, tí ọmọ bá ní ibà ta ló máa sáré lọ gbé e? Kò yẹ kó rò ó, ó máa rò ó ni.

Ọmọ_Ìtọ́jú:
Èmi ò fara mọ́ ọn tán. "Ìtọ́jú ẹbí" kan náà ni mo wá kọ nígbà tó yá, ó ṣiṣẹ́ fún mi, àmọ́ ti obìnrin yàtọ̀. Wọ́n á mọ̀ pé ọmọ ni. Kó kúkú sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Nípa èyí, ẹnu wa ò lè kò. Mo mọ ọ̀gá kan tó jẹ́ pé ìyá ọmọ gan-an ló máa ń fẹ́ gbà, mo sì mọ òmíì tí kì í gbà wọ́n, kò sì ní jẹ́wọ́ láéláé. Èmi kò ní kọ iye wọn tàbí ọjọ́ orí wọn. Bóyá kẹ́ ẹ kọ "àwọn ọmọ mi" àbí "ẹbí mi," ohun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ mú.

ÌyáMẹ́ta:
Mo ti padà dé. Alẹ́ méjì ló gbà mí lóòótọ́, ojú ń ta mí. Ìdílé 31 kò dọ́gba, mo wò ó títí, iye owó oṣù kan ló sún mọ́ apá òsì bí ọ̀gá ṣe sọ! Mo ti fi àlàfo sáàárín ẹ̀ láìmọ̀. Mo pariwo débi pé ọmọ mi jí.

Ẹ wo lẹ́tà yìí báyìí:

> Sí ẹni tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́,
>
> Mò ń wá iṣẹ́ alákòóso ọ́fíìsì tí ẹ kéde. Mo ti ṣe ọdún 4 ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan, níbi tí mo ti ń tọ́jú kàlẹ́ńdà ọ̀gá wa, tí mò ń to ìpàdé, tí mo sì ń tọ́jú fáìlì àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Èmi ni mò ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.
>
> Mo fi ọdún 7 tó tẹ̀ lé e tọ́jú àwọn ọmọ mi. Ọdún 2 nínú ẹ̀ ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ òbí tó ní ìdílé 46. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n kọ owó ìdílé kan sí orúkọ ìdílé míì torí pé orúkọ wọn bára mu. Mo rí àṣìṣe náà, mo fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà. Ní ọdún kejì, kò sí ẹni tó ní àkọsílẹ̀ òun ò pé. Láìpẹ́ yìí mo kó àkọsílẹ̀ ọdún kejì náà sínú Excel, mo sì fi SUMIF ṣírò ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan san. Bákan náà ni mo lè ṣe fún owó kékeré ọ́fíìsì yín.
>
> Mo lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ bá pè mí. Alága ẹgbẹ́ òbí àti ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀ ti gbà láti jẹ́rìí mi tí ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Ẹ kú iṣẹ́. Ìpàdé ọjọ́ Ajé yẹn ẹ ò sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀, ohun tó dáa lẹ fi pamọ́! Ohun méjì ló kù. Ọ̀gá mẹ́ta ni wọ́n ní kẹ́ ẹ bójú tó, ọ̀kan lẹ ṣe. Ẹ má ṣe sọ ọ̀kan di mẹ́ta, àmọ́ ẹ múra sí ìbéèrè ẹ̀, torí wọ́n máa bi yín pé tí méjì nínú wọn bá fẹ́ yàrá kan náà ní aago 10, ta lẹ máa fún? Èkejì, tí orúkọ ẹni tó ń gbani síṣẹ́ bá wà nínú ìkéde náà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ dípò "sí ẹni tó ń bójú tó." Tí kò bá sí, ẹ fi í bẹ́ẹ̀.

ÌyáMẹ́ta:
Kò sí orúkọ níbẹ̀. Ọ̀gá, ìbéèrè kan ló kù tí mi ò lè sùn lé lórí. Ìkéde náà ní aago 8 sí aago 5. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ ní aago 3 ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, ó kéré tán lóṣù àkọ́kọ́. Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀?

Ọ̀rẹ́_Ìwé:
Rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yín ná. Ìgbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbà yín lẹ máa béèrè.

Kò_Sọ́rọ̀ńbẹ̀:
Èmi ló yẹ kí n sọ pé kẹ́ ẹ fi pamọ́ àbí? Àmọ́ lórí èyí mo rò pé kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ yẹn, ó gba iṣẹ́ tán kó tó sọ pé òun ò lè dúró di aago 5, ọ̀gá ẹ̀ bínú gan-an, oṣù 3 péré ló lò níbẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún yín níṣàájú.

Àgbà_Ọ́fíìsì:
Hmm. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò lè gba iṣẹ́ náà rárá láìsí aago 3 yẹn, ẹ sọ ọ́ níbi intafíù, kó má jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó kàn máa rọrùn fún yín ni, ohun tí Ọ̀rẹ́_Ìwé sọ ni màá ṣe. Nínú lẹ́tà kọ́, ní tèmi o. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó jẹ́.

ÌyáMẹ́ta:
Ó jọ pé ẹni tó máa bá mi lọ gbé àwọn ọmọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ wá. Màá bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.

ÌyáMẹ́ta:
Mo ti fi ránṣẹ́ o! PDF ni mo ṣe é, mo fi orúkọ mi àti orúkọ iṣẹ́ náà pe fáìlì ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ lọ mo ní kí n kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, ni mo bá rí i pé orúkọ ilé iṣẹ́ míì tí mo fẹ́ kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo kọ sórí íméèlì náà. Gbogbo ara mi tutù. Mo ti tún un ṣe kó tó lọ.

Ọmọ_Ìtọ́jú:
Yé è! Èmi fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ rí ní tèmi, ọ̀gá yẹn sì dá mi lóhùn pé òun máa bá mi fi jíṣẹ́ fún wọn.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, nígbà tí wọ́n bá pè yín ẹ padà wá sọ ìbéèrè aago 10 yẹn fún wa, èmi náà fẹ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ fún ní yàrá.